Ọ̀pá mẹ́rin lẹ́bàá gìlómẹ́rúlù kan: èwo ni èwo?

Akẹ́kọ̀ọ́_Síláìdì

Síláìdì kíndìnrín kan ló wà níwájú mi, hẹmatosílíìnì àti ẹósíìnì ni wọ́n fi pa á láró. Mo rí gìlómẹ́rúlù kan, ìdì iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó ń sẹ́ omi ẹ̀jẹ̀, ọ̀pá mẹ́rin sì wà lẹ́bàá rẹ̀ tí mo pè ní A, B, D àti E. Wọ́n kọ́ wa pé ọ̀pá tí búrọ́ọ̀ṣì bá wà nínú ihò rẹ̀ ni pírọ́síìmà, apá tí omi tí gìlómẹ́rúlù sẹ́ kọ́kọ́ ń gbà, èyí tí kò bá ní i ni dísítà, apá tó jìnnà sí i. Mi ò rí búrọ́ọ̀ṣì nínú ìkankan. Ṣé dísítà wá ni gbogbo wọn?

---

Ojú_Lẹ́ńsì

Rárá. Nínú kọ́tẹ́ẹ̀sì, ìyẹn apá òde kíndìnrín, pírọ́síìmà ló máa ń pọ̀ jù. Ó gùn tó nǹkan bíi mílímítà 14, dísítà kò sì ju bíi 5 lọ. Méjèèjì ló lọ́ kọ́lọ́kọ̀lọ̀ lẹ́bàá gìlómẹ́rúlù tí wọ́n ti wá. Tí ọ̀bẹ bá la ibẹ̀ kọjá, á gé pírọ́síìmà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó gé dísítà lẹ́ẹ̀kan. Ojú ọ̀pá tí o bá kọ́kọ́ bá pàdé, gbà pé pírọ́síìmà ni títí ẹ̀rí mìíràn á fi dé.

Búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ́ yín wà lóòótọ́, àmọ́ òun ló máa ń tètè bàjẹ́ jù. Irun wínníwínní tó tò sórí sẹ́ẹ̀lì ni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dá lọ́nà kíndìnrín, tí fọ́máálìnì, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, kò sì tètè wọ inú ẹran náà, orí sẹ́ẹ̀lì á wú, á já, á bọ́ sínú ihò. Ohun tí wàá wá rí ni ihò tó kún fún èérún pupa rẹ́súrẹ́sú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á wo ìyẹn, wọ́n á ní kò sí búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n á kọ dísítà sí i. Bẹ́ẹ̀, èérún yẹn gan-an ni búrọ́ọ̀ṣì náà.

Padà sídìí lẹ́ńsì 40. Ka kókó sẹ́ẹ̀lì tó wà ní ojú ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Wo bó ṣe pupa tó, wo ohun tó wà nínú ihò rẹ̀, kí o sì wò ó bóyá ààlà hàn láàárín sẹ́ẹ̀lì kan àti èkejì. Kọ ọ́ síbí fún wa bí o ṣe rí i gẹ́lẹ́.

---

Ìwé_Lọ́wọ́

Ẹ ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí le ju bó ṣe yẹ lọ. Ihò ni kó wò. Tí ihò bá tóóró, pírọ́síìmà. Tí ó bá gbòòrò, dísítà. Èyí ni mo fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀, kò sì tíì já mi kulẹ̀ lórí síláìdì kíláàsì wa.

---

Aláró

Kò ní já yín kulẹ̀ lórí síláìdì kíláàsì, torí ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà ṣe gbogbo wọn: wọ́n gé ẹran náà lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti dá, wọ́n jù ú sínú fọ́máálìnì. Nínú kíndìnrín tó ń ṣiṣẹ́, omi tí gìlómẹ́rúlù ń sẹ́ ló ń mú kí ihò pírọ́síìmà ṣí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dá, omi kò sẹ́ mọ́. Sẹ́ẹ̀lì á sì máa fa èyí tó ṣẹ́kù nínú ọ̀pá mu títí ihò á fi pa dé. Ẹran tí wọ́n bá da oògùn gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó gé e, ihò pírọ́síìmà tirẹ̀ máa ń ṣí gbayawu, búrọ́ọ̀ṣì á sì dúró ṣánṣán yí i ká. Ẹni tó bá fi òfin yín wò ó, gbogbo rẹ̀ ló máa pè ní dísítà.

Nítorí náà, bí ihò ṣe tóbi tó ń sọ bí wọ́n ṣe tọ́jú ẹran náà ju bó ṣe ń sọ orúkọ ọ̀pá lọ.

Ìwọ tí o béèrè, bí o bá fẹ́ rí búrọ́ọ̀ṣì lórí síláìdì tí o ní yìí, kúrò láàárín, lọ sí etí ẹran. Fọ́máálìnì kì í yára wọlé. Bí ẹran bá nípọn ju mílímítà 4 tàbí 5 lọ, àárín rẹ̀ á ti máa bàjẹ́ kí oògùn tó débẹ̀. Etí ló kọ́kọ́ rí oògùn, ibẹ̀ ni nǹkan ti máa ń pẹ́ kó tó já.

---

Ìtọ̀_Ń_Hó

Mo rí i pé ẹ mọ̀ nípa kíndìnrín. Wọ́n yẹ ìtọ̀ mi wò, wọ́n ní purotéènì wà nínú rẹ̀, àmì ìròpọ̀ méjì. Ó sì máa ń hó nígbà mìíràn. Èwo nínú A, B, D àti E ló bàjẹ́ lára tèmi?

---

Ojú_Lẹ́ńsì

Ẹ má bínú, lẹ́tà tí a fi sàmì sórí síláìdì kan ni wọ́n. Bébà tí wọ́n tì bọ inú ìtọ̀ yín kò lè sọ ibi tí purotéènì ti jò. Ibà tàbí iṣẹ́ àṣekára pàápàá lè mú un yọjú fúngbà díẹ̀. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, kí wọ́n sì wọn purotéènì náà mọ́ kíreatiníìnì kí iye rẹ̀ lè dájú.

Àmọ́ ìbéèrè yín fi hàn pé a fo ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà. Nínú gìlómẹ́rúlù, ohun mẹ́ta ni omi ẹ̀jẹ̀ ń là kọjá. Èkínní ni sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ tó tẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín, tí ihò wẹ́wẹ́ kún ara rẹ̀. Èkejì ni awọ ìpìlẹ̀, tí kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀kẹta ni pódósáìtì, tó wà lóde, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ti aládùúgbò rẹ̀ wọnú ara wọn bí ìka ọwọ́ méjì tí a há pọ̀. Àlàfo àárín àwọn ẹsẹ̀ yẹn kò ju nǹkan bíi nanómítà 40 lọ, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sì tún dí i. Bí ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn bá tẹ́ pẹrẹsẹ, albúmíìnì á máa jò jáde.

Ọ̀pá pírọ́síìmà pẹ̀lú ní iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀: purotéènì wẹ́wẹ́ tó bá yọ́ kọjá, òun ló ń gbé e mì padà. Nítorí náà, bó bá jẹ́ òun ló bàjẹ́, purotéènì máa wà nínú ìtọ̀, àmọ́ kì í sábà pọ̀ tó ti asẹ́ tó ya. Kò sẹ́ni tó lè fi lẹ́ńsì 40 rí ẹsẹ̀ pódósáìtì. Maikirosikóòpù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ń fi í hàn.

---

Ìwé_Lọ́wọ́

Kí la wá lè rí nínú gìlómẹ́rúlù pẹ̀lú lẹ́ńsì lásán? Lójú tèmi, òkìtì kókó dúdú ni.

---

Aláró

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ kókó náà, ibi tó jókòó sí ni kí ẹ wò. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹyọ iṣan ẹ̀jẹ̀ kan tí ihò rẹ̀ ṣí, tó ní sẹ́ẹ̀lì pupa kan tàbí méjì nínú. Kókó tó bá yọ sínú ihò yẹn, ti ara iṣan ni. Kókó tó bá wà lóde iṣan, tó kọjú sí àlàfo funfun tó yí gìlómẹ́rúlù ká, pódósáìtì ni. Ó máa ń tóbi, kì í sì í dúdú púpọ̀. Èyí tó há sáàárín iṣan méjì tàbí mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti so kọ́ra, sẹ́ẹ̀lì mẹsánjíà ni. Òun ló dà bí òpó tó di gbogbo wọn mú. Sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ tó tẹ́ ògiri àpò Bómánì, àpò tó gba gìlómẹ́rúlù sínú, lóde pátápátá kò ṣòro, ó rí bí okùn tí a ta kókó sí níbi díẹ̀.

Mi ò sọ pé gbogbo kókó ló máa gbà kí a pè é lórúkọ o. Ọ̀pọ̀ ló wà níbi tí iṣan ti wọ́ pa, tí èèyàn kàn máa fi sílẹ̀.

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Síláìdì

Mo ti padà wò ó. Ẹ gbà mí láyè kí n kọ ọ́ bó ṣe rí:

A pupa gan-an. Kókó 5 ni mo kà. Èérún wà nínú ihò, mi ò rí ààlà sẹ́ẹ̀lì rárá.

B kéré ju A lọ, àmọ́ kókó 11 ló wà níbẹ̀. Kò pupa tó A. Ihò rẹ̀ mọ́, etí ihò náà gún bí ẹni fi abẹ gé e.

D fara kan gìlómẹ́rúlù. Ní apá tó kan gìlómẹ́rúlù yẹn, kókó rẹ̀ fún pọ̀ gádígádí, sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ga, ó sì tín-ín-rín. Apá kejì dà bíi B.

E funfun jù nínú gbogbo wọn. Mo rí ààlà láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì bí ìlà tí a fà. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta kan wà láàárín wọn tó dúdú ju àwọn yòókù lọ.

---

Ojú_Lẹ́ńsì

O kọ ọ́ dáadáa. Iye kókó yẹn nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ẹjọ́ A àti B.

A, pírọ́síìmà ni. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tóbi, èyí tó túmọ̀ sí pé àwọn díẹ̀ ló máa yí ihò ká, ọ̀bẹ tó gé wọn kò sì ní ba kókó gbogbo wọn pàdé. Ìdí nìyẹn tí o fi rí 5 péré lára ọ̀pá tó tóbi. Ó pupa torí maitokọ́ńdíríà tó kún ìdí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, èyí tó ń pèsè agbára fún iṣẹ́ fífa sódíọ́ọ̀mù àti omi padà. Nínú lítà 180 tí kíndìnrín méjèèjì ń sẹ́ lóòjọ́, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló ń padà sínú ẹ̀jẹ̀ níbí. O kò rí ààlà torí pé ẹ̀gbẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà wọnú ara wọn bí eyín ayùn méjì. Kò sí ojú ìlà kan tó gún tí lẹ́ńsì lè mú.

B, dísítà ni. Sẹ́ẹ̀lì kéékèèké, kókó púpọ̀, etí ihò tó gún. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra fún ohun kan. Ọwọ́ nínípọn tó ń gòkè láti inú lúùpù Hẹ́ńlè, apá ọ̀pá tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn pírọ́síìmà tó sì tún padà gòkè, jọ B púpọ̀, kò ní búrọ́ọ̀ṣì, maitokọ́ńdíríà sì kún inú òun náà. Àyíká ni wàá fi mọ̀. Bí àwọn ọ̀pá bá tò lọ gbọnrangandan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí kò sí gìlómẹ́rúlù láàárín wọn, ìlà ọ̀pá títọ́ tó ń ti mẹ̀dúlà, apá inú kíndìnrín, gòkè wá nìyẹn, kì í ṣe dísítà.

D ni mo fẹ́ràn jù nínú èyí tí o mú wá. Mákúlà dẹ́ńsà nìyẹn. Lúùpù Hẹ́ńlè kan náà tó ti lọ sísàlẹ̀ ló padà wá fi ẹ̀gbẹ́ kan ara gìlómẹ́rúlù tirẹ̀, láàárín iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé àti èyí tó ń gbé e jáde. Sẹ́ẹ̀lì tó ga níbẹ̀ ń tọ́ iyọ̀ tó ń kọjá wò. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé á sún kì, gìlómẹ́rúlù á sì dín omi tó ń sẹ́ kù. Bí iyọ̀ bá kéré, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà lára ògiri iṣan yẹn á tú réníìnì jáde. Lójú gígé yìí, ibi tí ọwọ́ nínípọn parí sí lo ń wò, lẹ́yìn rẹ̀ ni dísítà bẹ̀rẹ̀.

---

Ìwé_Lọ́wọ́

Mo gbà lórí ihò. Àmọ́ àwọ̀ pupa tí ẹ ń tẹnu mọ́ yẹn, ẹ̀yin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé maitokọ́ńdíríà pọ̀ nínú ọwọ́ nínípọn. Dísítà pẹ̀lú ní i dáadáa. Kí ló dé tí wọn kò fi pupa tó A?

---

Ojú_Lẹ́ńsì

Ẹ tọ̀nà níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pírọ́síìmà ga, ó sì gbòòrò, ohun tí ẹósíìnì máa dì mọ́ pọ̀ lójú kan. Síbẹ̀, mi ò ní fi àwọ̀ nìkan dájọ́ láéláé. Bí wọ́n bá fi síláìdì sílẹ̀ pẹ́ nínú ẹósíìnì, B á pupa bíi A. Ẹ fi ọ̀pá kan wé èkejì lórí síláìdì kan náà ni. Kókó kíkà kì í yí padà tó bẹ́ẹ̀.

---

Aláró

Ọ̀nà kan wà tí kò gba àríyànjiyàn. Wá ẹnu ọ̀nà ìtọ̀ lára gìlómẹ́rúlù, ní òdì kejì ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti wọlé. Níbẹ̀, ògiri àpò Bómánì tó ti ń bọ̀ ní pẹlẹbẹ máa ṣàdédé nípọn, ó di sẹ́ẹ̀lì gíga pupa, àlàfo funfun á sì ṣàn wọnú ihò ọ̀pá láìsí ìdènà. Ọ̀pá tó bá ti ibẹ̀ jáde, pírọ́síìmà ni, kò lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Wá fi àwọ̀ àti kókó rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n fún gbogbo ọ̀pá tó kù lórí síláìdì yẹn.

Kò rọrùn láti rí i ṣá o. Gìlómẹ́rúlù kan fẹ̀ tó nǹkan bíi maikirómítà 200, a sì ń gé e ní maikirómítà 4 tàbí 5. Ìyẹn ni pé gìlómẹ́rúlù kan lè di pẹlẹbẹ 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹnu ọ̀nà náà sì máa wà nínú díẹ̀ péré lára wọn. Yẹ gìlómẹ́rúlù púpọ̀ wò, má dúró ti ẹyọ kan.

---

Inú_Mẹ̀dúlà

Kí ẹ tó dé orí E, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ẹ ṣe ń ya ọwọ́ tín-ín-rín lúùpù Hẹ́ńlè sọ́tọ̀ kúrò lára iṣan ẹ̀jẹ̀? Pẹlẹbẹ ni sẹ́ẹ̀lì àwọn méjèèjì. Mo ní sẹ́ẹ̀lì pupa ló máa sọ ọ́, olùkọ́ wa ní kò tó.

---

Aláró

Olùkọ́ yín kò parọ́. Tí sẹ́ẹ̀lì pupa bá wà nínú ihò, iṣan ẹ̀jẹ̀ ló sábà máa jẹ́, àmọ́ tí kò bá sí níbẹ̀, kò fi nǹkan kan hàn, torí ẹ̀jẹ̀ lè ti ṣàn jáde nígbà tí wọ́n ń gé ẹran. Wo ògiri náà. Ti ọwọ́ tín-ín-rín nípọn díẹ̀ ju ti iṣan lọ, kókó rẹ̀ máa ń yí bìrìkìtì, ó máa ń yọ sínú ihò, wọ́n sì pọ̀ díẹ̀. Ihò rẹ̀ tún máa ń yí rébété. Kókó ti iṣan máa ń pẹlẹbẹ, wọ́n sì jìnnà síra. Ní ìsàlẹ̀ mẹ̀dúlà níbi tí gbogbo wọn ti dì pọ̀, àwọn kan wà tí mo máa ń fi sílẹ̀ láìpè lórúkọ.

---

Ojú_Lẹ́ńsì

Ó kan E. Ààlà sẹ́ẹ̀lì tí o rí bí ìlà yẹn ni ẹ̀rí tó lágbára jù. Níbí, ẹ̀gbẹ́ sẹ́ẹ̀lì kò wọnú ara wọn bíi ti A, nítorí náà ìlà náà hàn. Èyí tó funfun ni àwọn sẹ́ẹ̀lì olórí, tí họ́mónù adínìtọ̀ ń bá sọ̀rọ̀: bó bá dé, ihò omi á jáde sórí sẹ́ẹ̀lì, omi á padà sára. Àwọn mẹ́ta tó dúdú ni sẹ́ẹ̀lì àfisáàárín, tí maitokọ́ńdíríà kún inú wọn. Iṣẹ́ wọn ni ásíìdì: irú kan ń tú u sínú ìtọ̀, irú kejì ń tú báíkábọ́nétì. Bí ọ̀pá náà bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú mẹ̀dúlà, àwọn dúdú yìí á máa dín kù, àwọn tó kù á máa ga sí i, títí dé ọ̀pá ńlá tó ṣí sórí ṣóńṣó mẹ̀dúlà.

Ọ̀pá àkójọ ni màá kọ sí E.

---

Inú_Mẹ̀dúlà

Èmi ò ní kọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá àsopọ̀ tó wà láàárín dísítà àti ọ̀pá àkójọ ní sẹ́ẹ̀lì àfisáàárín pẹ̀lú. E wà lẹ́bàá gìlómẹ́rúlù, kò sí láàárín àwọn ọ̀pá títọ́. Àsopọ̀ ni.

Ó sì ṣe pàtàkì, torí ọ̀pá àkójọ kì í ṣe ara nẹ́fírọ́ọ̀nù, ìyẹn gìlómẹ́rúlù kan àti ọ̀pá tirẹ̀. Inú oyún, ẹ̀ka tó hù láti ibi tí ọ̀nà ìtọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ló di ọ̀pá àkójọ. Àṣùpọ̀ sẹ́ẹ̀lì mìíràn tó yí i ká ló di gìlómẹ́rúlù títí dé ọ̀pá àsopọ̀. Orísun méjì ni, wọ́n kàn wá lẹ̀ mọ́ra ni.

---

Ìwé_Lọ́wọ́

Ìwé tí mo ní kà á mọ́ nẹ́fírọ́ọ̀nù, nítorí iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe lọ láìdúró. Tí ìdánwò bá béèrè, kí ni ká kọ?

---

Ojú_Lẹ́ńsì

Kọ orísun méjèèjì, kó o sì sọ pé iṣẹ́ wọn so pọ̀. Kò sí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n tó máa gba máàkì rẹ. Ọ̀pá àkójọ kan ń gba omi lọ́wọ́ nẹ́fírọ́ọ̀nù púpọ̀, nítorí náà ó ṣòro láti sọ pé ti ẹyọ kan ni.

Lórí E, mi ò lè fi aró yìí borí Inú_Mẹ̀dúlà. Nínú kíndìnrín èèyàn, àsopọ̀ ń yí di àkójọ díẹ̀díẹ̀ ni, sẹ́ẹ̀lì wọn dàpọ̀. Ìyàtọ̀ wọn wà lára purotéènì tí aró pàtàkì máa mú.

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Síláìdì

Wọ́n bá mi wá síláìdì kejì láti inú páálí kan náà, wọ́n kọ PAS, orúkọ aró mìíràn, sí i lára. Ní etí ẹran, àwọn ọ̀pá tó dà bíi A ní ìlà àlùkò tó yí inú ihò wọn ká. Ní àárín, ìlà náà já sí wẹ́wẹ́, díẹ̀ wà lára ògiri, díẹ̀ wà nínú èérún. Irú B kò ní nǹkan kan nínú ihò, awọ ìpìlẹ̀ rẹ̀ nìkan ló gba aró. Mo tún rí ẹnu ọ̀nà ìtọ̀ kan lẹ́yìn gìlómẹ́rúlù 17.

Mo wá ẹlòmíràn tó dà bíi E. Méjì wà láàárín àwọn ọ̀pá títọ́, ọ̀kan wà lẹ́bàá gìlómẹ́rúlù. Sẹ́ẹ̀lì dúdú wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

---

Inú_Mẹ̀dúlà

Kọ àkójọ sí àwọn méjì yẹn. Èyí tó wà lẹ́bàá gìlómẹ́rúlù, mo ṣì dúró lórí àsopọ̀.